Bẹ́ ẹ ṣe máa rí ìwọ̀n imidasóòlù tó bá purotéènì yín mu lórí rẹ́síìnì níkẹ́ẹ̀lì

Ìwé ìlànà tó máa ń bá rẹ́síìnì níkẹ́ẹ̀lì wá nínú páálí sábà máa ń sọ pé kẹ́ ẹ fi imidasóòlù mílímólà 20 fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi 250 yọ ọ́, ó parí. Nọ́ńbà yẹn ò burú, ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀ láì wò ó bóyá ó bá purotéènì tiwọn mu, wọ́n á wá rí báńdì rẹpẹtẹ lórí jẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní rẹ́síìnì yẹn ò dáa. Rẹ́síìnì ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe níbí ni ìdánwò kékeré kan tó máa fi nọ́ńbà tó jẹ́ ti purotéènì yín gan-an hàn yín, kẹ́ ẹ tó da gbogbo omi sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ṣe wàhálà lé lórí sínú kọ́lọ́ọ̀mù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára níkẹ́ẹ̀lì

Níkẹ́ẹ̀lì ní ojúkò mẹ́fà tí nǹkan lè so mọ́. Lórí rẹ́síìnì NTA, NTA fúnra ẹ̀, ìyẹn ohun tó so níkẹ́ẹ̀lì mọ́ rẹ́síìnì, ti gba mẹ́rin nínú ẹ̀, ó wá ku méjì, omi ló máa ń wà níbẹ̀ kí histidíìnì tó dé. Histidíìnì ní òrùka kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀ tó fi ń di níkẹ́ẹ̀lì mú, òrùka yẹn náà ni imidasóòlù tá à ń dà sínú bọ́fà. Ìyẹn ni pé tí imidasóòlù bá ti pọ̀ nínú omi, ṣe ló máa bá histidíìnì du ojúkò méjì yẹn.

Ẹ ronú nípa àwọn tó di okùn mú. Purotéènì bakitéríà tó ṣèèṣì ní histidíìnì kan tàbí méjì lójú ara, ìka kan ló fi dì í mú, imidasóòlù díẹ̀ ti tó láti já a. Tiyín ní mẹ́fà lẹ́sẹẹsẹ, ìyẹn táàgì tẹ́ ẹ fi sí i, tí ọ̀kan bá yọ òmíràn á tún gbá okùn mú, ó dìgbà tí imidasóòlù bá pọ̀ gan-an kó tó jáwọ́. Àlàfo tó wà láàárín ibi tí àwọn tó kù ti já àti ibi tí tiyín ti já, ibẹ̀ ni fífọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìṣòro wa ò sì ju ká mọ ibi tí àlàfo yẹn bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ó ń yàtọ̀ gan-an láti orí purotéènì kan sí òmíràn. Tí táàgì yín bá sá wọ abẹ́ ara purotéènì díẹ̀, ó lè já ní 30 péré. Tó bá jẹ́ histidíìnì mẹ́wàá lẹ fi sí i, tàbí tí purotéènì yín máa ń so pọ̀ ní méjìméjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, táàgì tó di rẹ́síìnì mú lẹ́ẹ̀kan náà á ju ẹyọ kan lọ, á sì lè dúró kọjá 80. Ìwé inú páálí ò lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Bọ́fà méjì péré

Èmi ò fẹ́ràn kéèyàn máa po bọ́fà mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àṣìṣe ló máa ń wọ ibẹ̀. Ẹ po méjì péré, kẹ́ ẹ máa fi wọ́n lu ara wọn.

Bọ́fà A ò ní imidasóòlù rárá. Fún lítà kan, ẹ wọn gíráàmù 6.9 NaH2PO4·H2O àti gíráàmù 17.5 NaCl, ẹ yọ́ wọn sínú omi tó mọ́, ẹ fi NaOH gbé pH rẹ̀ dé 8.0, kẹ́ ẹ tó wá fi omi kún un dé lítà kan. Ìyẹn ló fún yín ní fọ́síféètì mílímólà 50 àti iyọ̀ mílímólà 300. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ yẹn ṣeré o, òun ló ń lé àwọn purotéènì tó kàn lẹ̀ mọ́ rẹ́síìnì nítorí iná ara wọn, imidasóòlù kì í ṣe oògùn fún ìyẹn.

Bọ́fà B, ẹ mú mílílítà 180 nínú A tẹ́ ẹ ti pò tán, ẹ yọ́ imidasóòlù gíráàmù 6.8 sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi mítà wò ó, ẹ máa rí i pé pH ti gòkè kọjá 8, torí imidasóòlù ń gba hàídírójìn mọ́ra. Ẹ máa kán HCl sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi padà sí 8.0, ẹ wá fi bọ́fà A kún un dé mílílítà 200. Mílímólà 500 nìyẹn. Àwọn tí kì í padà wo pH lẹ́yìn tí wọ́n bá fi imidasóòlù sí i pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ purotéènì míì wà tí ò lè fara da pH tó ga, funfun ló máa yọ nínú túùbù, wọ́n á rò pé imidasóòlù ló pa á. Tí pH bá tún wálẹ̀ jù, bíi 6, histidíìnì á gba hàídírójìn, kò ní lè di níkẹ́ẹ̀lì mú dáadáa mọ́, táàgì yín á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ́síìnì kọjá ni.

Bí wọ́n ṣe ń lu ara wọn ò le: nínú mílílítà 5, gbogbo mílílítà 0.1 bọ́fà B tẹ́ ẹ bá fi sí i ń fi mílímólà 10 kún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 40, B 0.4 àti A 4.6. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 250, ìdajì ìdajì. Iyọ̀ àti fọ́síféètì ò yí padà torí B inú A náà la ti pò ó.

EDTA ò gbọ́dọ̀ sí nínú èyíkéyìí nínú wọn, títí kan inú oògùn tó ń dènà kí nǹkan jẹ purotéènì yín, ẹ ra irú èyí tí ò ní EDTA. Ṣe ló máa ń já níkẹ́ẹ̀lì kúrò lára rẹ́síìnì, tẹ́ ẹ bá ti rí i tí rẹ́síìnì tó jẹ́ búlúù di funfun, òun nìyẹn. DTT náà, ẹ yẹra fún un, òun ló ń sọ rẹ́síìnì di bíráùn.

Ìdánwò yẹn gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká máa bá a lọ dé òpin. Ẹ̀ńsáìmù kan tó wọn kílódáltìn 31, táàgì histidíìnì mẹ́fà wà ní iwájú ẹ̀, inú bakitéríà Í-kólì BL21(DE3) la ti gbìn ín, lítà kan. Lẹ́yìn tá a kó sẹ́ẹ̀lì jọ, a pò ó sínú mílílítà 30 bọ́fà tó ní imidasóòlù mílímólà 10 (ìyẹn B 0.6 nínú A 29.4), a fọ́ ọ lórí yìnyín, a fi sẹntirifúùjì yí i kíkankíkan títí omi òkè fi tòrò. Ẹ má fi eléyìí tó ń dá gúdẹ́gúdẹ́ sórí rẹ́síìnì, á dí i pa.

Nínú mílílítà 30 yẹn, ẹ bu méjì péré fún ìdánwò. Ìyókù kó dúró lórí yìnyín.

Rẹ́síìnì tẹ́ ẹ máa lò jẹ́ mílílítà 0.1. Ẹ rántí pé nínú ìgò, ìdajì ni rẹ́síìnì, ìdajì tó kù omi tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù ni, torí náà ẹ gbọn ìgò yẹn dáadáa kẹ́ ẹ bu 0.2. Ẹ fi bọ́fà tó ní mílímólà 10 fọ ẹ́tánọ́ọ̀lù kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá da mílílítà 2 omi sẹ́ẹ̀lì lé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ nínú òtútù fún wákàtí kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, níkẹ́ẹ̀lì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ọwọ́ lásán mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí túùbù náà díẹ̀ nínú sẹntirifúùjì, níwọ̀n 500 ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó, kó má fọ́ rẹ́síìnì. Ẹ fa omi òkè, ẹ tọ́jú ẹ̀, òun ni omi àkọ́kọ́ tó kọjá. Ẹ wá máa gòkè bí àtẹ̀gùn: 20, 40, 60, 80, 100, 150, 250, 500. Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹ da mílílítà 0.5 sí i, ẹ jẹ́ kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yí i, ẹ fà á, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kẹ́ ẹ da méjèèjì pọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì yẹn ṣe pàtàkì torí omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sáàárín rẹ́síìnì, tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó já ní 40 lẹ máa rí nínú léènì 60, ẹ máa ka nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́.

Níkẹyìn, ẹ se rẹ́síìnì tó ṣẹ́kù yẹn fúnra ẹ̀ nínú omi SDS. Àwọn èèyàn máa ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló lè sọ bóyá nǹkan ṣì wà lórí rẹ́síìnì tí 500 ò yọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka jẹ́ẹ̀lì

Ẹ to wọn tẹ̀ léra lórí SDS-PAGE: omi sẹ́ẹ̀lì, omi àkọ́kọ́ tó kọjá, gbogbo àtẹ̀gùn, àti rẹ́síìnì tẹ́ ẹ sè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tá a rí rèé. Báńdì 31 hàn gbangba nínú omi sẹ́ẹ̀lì, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú omi tó kọjá, ìyẹn ni pé rẹ́síìnì gbà á. Léènì 20 kún fún oríṣiríṣi báńdì, 31 ò sí níbẹ̀. Léènì 40 ní báńdì díẹ̀, 31 ò tíì sí. Nínú 60, òjìji 31 bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, pẹ̀lú báńdì kan lókè ní nǹkan bíi 70. Nínú 80 ó ti hàn ketekete, 100 àti 150 ni èyí tó pọ̀ jù ti jáde, díẹ̀ wà nínú 250, inú 500 ò ní 31 mọ́ àmọ́ báńdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìtòsí 25. Rẹ́síìnì tá a sè, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.

Báńdì méjì tó jẹ́ àjèjì yẹn, ẹni tó bá ti ń lo Í-kólì pẹ́ á mọ̀ wọ́n. Èyí tó wà lókè lè jẹ́ ArnA, kílódáltìn 74. Èyí tó wà ní ìtòsí 25 jọ SlyD, purotéènì bakitéríà tí ìrù ẹ̀ kún fún histidíìnì, ó máa ń di níkẹ́ẹ̀lì mú bí ẹni pé àwa la fi táàgì sí i. Ẹ má retí pé fífọ̀ á lé SlyD lọ, ó lè dúró ju purotéènì yín lọ. Ọgbọ́n tá a fi ń bá a lò ni ká yọ tiwa kí òun tó yọ.

Yíyan nọ́ńbà ìfọ̀

Òfin mi ni pé kẹ́ ẹ wá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tí purotéènì yín ti hàn, ì báà ṣe òjìji, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ kan. Ibi tiwa ti hàn ni 60, nítorí náà 40 la máa fi fọ̀. Tó bá jẹ́ 20 inú ìwé la lò, gbogbo ohun tó wà nínú léènì 40 yẹn ì bá bá ẹ̀ńsáìmù wa jáde nígbà tá a bá ń yọ ọ́.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí òjìji lásán ló wà ní 60, kí ló dé tá ò fi 60 fọ̀? Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ rántí pé ìdánwò yẹn, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ́síìnì péré la fi fọ̀ ọ́ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Purotéènì tó ń jo díẹ̀díẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ń da bọ́fà sí i náà lá máa jo, tó bá di ìlọ́po ogún, òjìji yẹn ti di nǹkan tó ń dunni. Bẹ́ ẹ bá nílò kó mọ́ gan-an tí purotéènì yín sì pọ̀, ẹ fi 40 fọ̀ ọ́ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ wá fi 60 ṣe ìlọ́po mẹ́ta péré parí ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ń sanwó ìmọ́tótó yẹn pẹ̀lú díẹ̀ nínú purotéènì. Tó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ dúró sí 40.

Ìmọ̀ kan náà yìí ló máa ṣàtúnṣe omi sẹ́ẹ̀lì tó kù. Nígbà tá a ti mọ̀ pé tiwa ò já ní 40, kò sídìí tá a fi máa gbé e wọ rẹ́síìnì pẹ̀lú 10 mọ́. Ẹ fi B kún mílílítà 28 tó ṣẹ́kù dé mílímólà 20, nǹkan bí 0.6 ló máa gbà. Àwọn tí ò dì í mú dáadáa ò ní ráyè jókòó rárá, èyí sì dáa ju ká jẹ́ kí wọ́n jókòó ká tó máa lé wọn.

Ìwọ̀n rẹ́síìnì ń bá imidasóòlù ṣiṣẹ́ pọ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí tí rẹ́síìnì bá pọ̀ jù, kò sí nọ́ńbà tó máa gbà yín. Bí ojúkò bá ṣófo lẹ́yìn tí gbogbo purotéènì yín ti jókòó tán, àjèjì lá lọ jókòó síbẹ̀, tó bá sì já, á tún rí ojúkò míì nísàlẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù. Bí purotéènì yín bá kún rẹ́síìnì dáadáa, òun fúnra ẹ̀ lá máa lé wọn kúrò. Lára ìgò wọ́n lè kọ ọ́ pé mílílítà kan ń gba mílígíráàmù 50, èmi máa ń fi 10 ṣírò. Nínú àpẹẹrẹ wa, purotéènì tó wà nínú mílílítà méjì yẹn tó mílígíráàmù kan, rẹ́síìnì 0.1 sì gbà á tán, torí náà ẹ fi ìwọ̀n kan náà gòkè: fún mílílítà 28, rẹ́síìnì 1.4. Ẹ má da 5 sí i torí pé ó wà nílẹ̀. Nọ́ńbà 40 tá a rí, ìwọ̀n yẹn la fi rí i, tẹ́ ẹ bá yí ìwọ̀n yẹn padà, nọ́ńbà náà lè yí padà.

Yíyọ ọ́

Púpọ̀ jáde ní 100 àti 150, kí ló dé tá ò fi 150 yọ ọ́? Torí á máa jáde lọ́ra ni, á tàn káàkiri omi tó pọ̀, ẹ máa wá ní purotéènì tó ṣàn bí omi lásán. Ní 250, ó já lẹ́ẹ̀kan náà, ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin rẹ́síìnì ti kó o tán. Ẹ̀wẹ̀, 500 á yọ ọ́ kíákíá náà, àmọ́ á fa báńdì 25 yẹn jáde pẹ̀lú ẹ̀, imidasóòlù tẹ́ ẹ máa yọ kúrò lẹ́yìn á sì di ìlọ́po méjì. Nítorí náà òfin ibí ni àtẹ̀gùn tó kéré jù tí purotéènì yín fi jáde tán, kì í ṣe èyí tó ga jù tẹ́ ẹ ní. Ti wa ni 250.

Ẹ yọ ọ́ ní mílílítà 1.4, 1.4, nígbà márùn-ún, nínú túùbù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ túùbù àkọ́kọ́, bọ́fà ìfọ̀ tó ṣẹ́kù sáàárín rẹ́síìnì ló máa ń jẹ́, torí náà tí purotéènì ò bá fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ má jáyà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti da ti àkọ́kọ́ sí i, ẹ dí ẹnu kọ́lọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó da èkejì, kí imidasóòlù ráyè bá táàgì jà. Ìkejì àti ìkẹta ló sábà máa ń nípọn jù.

Tí ohun tẹ́ ẹ rí ò bá jọ ti àpẹẹrẹ yìí

Tí báńdì yín bá wà nínú omi àkọ́kọ́ tó kọjá, ohun méjì ló máa ń fà á jù, ìdánwò kan péré ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ mú omi tó kọjá yẹn, ẹ dà á sórí rẹ́síìnì tuntun. Tó bá jókòó lẹ́ẹ̀kejì, rẹ́síìnì àkọ́kọ́ ló kéré tàbí níkẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti lọ. Tí ò bá tún jókòó, táàgì ló fara pa mọ́ sínú purotéènì, tàbí ó ti gé kúrò. Ẹ pò díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ yúríà mólà 8 kó lè tú sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbé e sórí rẹ́síìnì: tó bá jókòó nísinsìnyí, táàgì wà níbẹ̀, ó fara pa mọ́ ni, imidasóòlù ò sì lè tún ìyẹn ṣe, ẹ lọ gbé táàgì lọ sí ìdí kejì purotéènì tàbí kẹ́ ẹ fi okùn kékeré sáàárín wọn.

Tó bá jẹ́ ní 20 ló ti ń já, ẹ gbé e wọ rẹ́síìnì láìsí imidasóòlù tàbí pẹ̀lú 5, kẹ́ ẹ fi 10 fọ̀ ọ́. Kò ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti máa nílò kọ́lọ́ọ̀mù míì lẹ́yìn ẹ̀, kò sí àlàfo tó pọ̀ tẹ́ ẹ lè lò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ inú rẹ́síìnì tẹ́ ẹ sè nìkan lẹ ti rí i, tí 500 ò yọ nǹkan kan, ẹ fi EDTA mílímólà 100 gbìyànjú ẹ̀ lórí ìdánwò yẹn. EDTA á kó níkẹ́ẹ̀lì lọ pátápátá, tí purotéènì bá bá a jáde, ó kàn di níkẹ́ẹ̀lì mú gidi ni. Tó bá ṣì jókòó síbẹ̀, ó ti dì gbagidi sórí rẹ́síìnì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ imidasóòlù mọ́: ẹ dín ohun tẹ́ ẹ ń gbé wọ̀ ọ́ kù tàbí kẹ́ ẹ fi gilisẹróòlù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí bọ́fà.

Lẹ́yìn tó jáde

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi A280 wọn purotéènì, bọ́fà ìyọ 250 yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdo ẹ̀rọ, kì í ṣe omi, torí imidasóòlù náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, pàápàá èyí tí ò mọ́ dáadáa. Brádífọ́ọ̀dù ò ní wàhálà pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ ẹ má lo BCA kẹ́ ẹ tó yọ imidasóòlù kúrò, nọ́ńbà irọ́ ló máa fún yín.

Ẹ yọ imidasóòlù náà lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ má fi purotéènì sílẹ̀ nínú ẹ̀. Dàyálísíìsì nínú òtútù, kẹ́ ẹ pààrọ̀ bọ́fà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kọ́lọ́ọ̀mù ìyọ-iyọ̀ tẹ́ ẹ bá ń kánjú. Àwọn purotéènì kan máa ń di funfun tí imidasóòlù bá lọ lójijì, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lórí díẹ̀, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti 250 sí 100, kẹ́ ẹ tó lọ sí òdo, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí iyọ̀ wà nínú bọ́fà náà. Níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀ máa ń bá purotéènì jáde, òun náà lè mú kó máa so pọ̀: EDTA mílímólà 1 nínú bọ́fà dàyálísíìsì àkọ́kọ́ á kó o lọ, àyàfi tí ẹ̀ńsáìmù yín bá ń lo irin fúnra ẹ̀ láti ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi EDTA kàn án rárá.